Bí mo ṣe tún ọ̀sẹ̀ mi pín nígbà tí iṣẹ́ àti kíláàsì alẹ́ kọlu ara wọn

Tìmútébù tí mo kọ́kọ́ ṣe, irọ́ pọ́ńbélé ni. Mo kọ ọ́ pé aago 5:00 mo jáde níṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, 5:30 mo wà ní kíláàsì lọ́nà Sáńgò, 9:00 mo dé ilé l'Ápáta, 9:30 sí 12:00 ìwé kíkà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 6:00 ti ń lọ lù kí n tó wọlé, lẹ́kítọ̀ọ̀ ti kọ bọ́ọ̀dù kún. Ìwé alẹ́ ńkọ́? Orí ìwé ni mo sùn sí, íǹkì bíró ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi nígbà tí mo jí.

Mo wá fi ọ̀sẹ̀ kan kọ bí nǹkan ṣe ń lọ gan-an sẹ́yìn ìwé àtijọ́ kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá nìkan ló ń pa mí, dídúró de máíkírà ní Dùgbẹ̀ nìkan ń jẹ tó ìṣẹ́jú 25, torí gbogbo ayé ló ń lọ sílé ní aago márùn-ún. Tí mo bá jáde ní 4:30, mo ti ń dé kíláàsì ní 5:20.

Ni mo bá lọ bá ọ̀gá mi obìnrin. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Mọ́ńdè, Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, ẹ jẹ́ kí n máa wọlé ní 7:30 kí n máa jáde ní 4:30, wákàtí iṣẹ́ yín ò ní dín."

Wọ́n ní, "Tó o bá ti kó rísíìtì ọjọ́ yẹn sórí tábìlì mi kó o tó lọ, kò sí wàhálà."

Ìwé kíkà, mo gbé e kúrò lálẹ́ ọjọ́ kíláàsì pátápátá. 6:30 ni mo ń dé ọ́fíìsì báyìí, kò sẹ́ni tó ń pè mí, mo ń fi wákàtí kan ka ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì. Ìyẹn wákàtí 5 lọ́sẹ̀. Wẹ́sìdeè alẹ́ wákàtí 2, Sátidé 9:00 sí 1:00 wákàtí 4, ó pé 11. Fúráìdè alẹ́, mi ò fọwọ́ kan ìwé o, ara kì í ṣe irin. Sọ́ńdè mo ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀, mo ń lọ aṣọ márùn-ún, alẹ́ rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí, kí ohun tó bá bọ́ lè ríbi bọ́ sí.

Ó sì ń bọ́ o. Ìparí oṣù, àkáǹtì kì í jẹ́ kí n jáde ní 4:30, nítorí náà mo ti bá ẹni tá a jọ ń jókòó ṣàdéhùn kó máa ya nóòtù ránṣẹ́ sí mi, èmi náà ń ṣe é fún un tọ́mọ rẹ̀ bá ń ṣàìsàn. Sátidé tó kọjá, àǹtí mi ṣe òwàm̀bẹ̀, wákàtí 4 lọ pátá. 2 nìkan ni mo rí gbà padà lálẹ́ Sọ́ńdè, 2 tó kù ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀.