Bí Mo Ṣe Kọ Lẹ́tà sí Olùkọ́ Mi Lórí Máàkì Tí Ìlà Ìṣirò Kan Kó Lọ

Ní ọdún kejì mi ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní apá Yábàá, mo gba máàkì 3 nínú 20 lórí ìbéèrè kan tó dá mi lójú pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ìmọ̀ ẹ̀rọ nípa ilé kíkọ́ àti afárá ni mò ń kọ́. Ìbéèrè náà dá lórí bíìmù kan tó gùn ní mítà 6, tó jókòó sórí òpó méjì, A ní apá òsì àti B ní apá ọ̀tún. Ẹrù 10 kN, ìyẹn kílónútìnnì 10 tí a fi ń wọn agbára ẹrù, wà lórí mítà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, ẹrù mìíràn tó jẹ́ 30 kN sì wà lójú kan, ní mítà 2 sí A. Wọ́n ní ká wá iye tí òpó kọ̀ọ̀kan ń gbé, ká ya àwòrán ṣíà fọ́ọ̀sì, ìyẹn agbára tó fẹ́ gé bíìmù náà, ká sì wá bẹ́ńdìn mómẹ́ǹtì, ìyẹn agbára tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, níbi tó ti ga jù. Máàkì 6, 7 àti 7 ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí bébà ìdánwò.

Nígbà tí ẹ̀ka wa gbà wá láàyè láti wo ìwé ìdáhùn wa, mo da iṣẹ́ mi kọ sínú ìwé àjákọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an nínú ìdánwò. Ìlà àkọ́kọ́ gba máàkì 3. Láti ìlà kejì lọ, bírò pupa ti gba orí ojú ewé méjì kọjá láìdúró. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, R_B sì ni iye tí òpó B ń gbé:

```
R_B × 6 = (10 × 6 × 3) + (30 × 2)
R_B × 6 = 180 + 30 = 210
R_B = 35 kN
```

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́: kò sí ohun tó ṣe é. Mo mú mómẹ́ǹtì yí A ká, ìyẹn ni pé mo fi bí ẹrù kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí A sọ ọ́ di púpọ̀, mo sì gbé ẹrù kọ̀ọ̀kan sí ibi tó yẹ kó wà. Ní ìlà kejì ni ojú mi padà sórí 30 tó wà nínú àkámọ́, tí mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ dípò 60. Ó yẹ kí àpapọ̀ náà jẹ́ 240, kí B sì gbé 40 kN. Ohun tó jẹ́ kí àṣìṣe náà sá pamọ́ fún mi nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ni pé gbogbo ẹrù tó wà lórí bíìmù náà jẹ́ 90 kN, mo yọ 35 kúrò nínú rẹ̀, mo sì gba 55 fún A. Nígbà tí mo wá ro 55 pọ̀ mọ́ 35, ó pé 90, ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bí kò ṣe ní pé 90, nígbà tó jẹ́ pé inú 90 ni mo ti yọ ọ́. Àyẹ̀wò tí ì bá tú àṣírí náà ni kí n tún mú mómẹ́ǹtì yí B ká, èmi kò sì ṣe é.

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀tọ́ ni mo ń bèèrè. Mo fa ìlà pín bébà kan sí òpó mẹ́ta láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo kọ ohun tí mo kọ nínú ìdánwò sí èkíní, mo kọ ìdáhùn tó tọ́ sí èkejì, mo sì kọ ohun tó yẹ kí èèyàn rí sí ẹ̀kẹta, bó bá fi 35 kN bẹ̀rẹ̀ tí kò sì tún ṣe àṣìṣe mìíràn. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ẹjọ́ mi dúró lé. Ká ní ìlà kan nínú iṣẹ́ mi yàtọ̀ sí òpó kẹta ni, á jẹ́ pé àṣìṣe mi ju ẹyọ kan lọ, ìbá sì pọn dandan kí n sọ ìyẹn náà nínú lẹ́tà. Gbogbo rẹ̀ bá a mu. Pẹ̀lú 55 kN ní A, ṣíà fọ́ọ̀sì ṣì ku 5 kN lẹ́yìn ẹrù 30 kN, ó sì di òdo ní mítà 2.5, ibi tí ó bá ti di òdo sì ni mómẹ́ǹtì ti ń ga jù, níbẹ̀ ni mo ti gba mómẹ́ǹtì 91.25 kNm. Nínú ìdáhùn tó tọ́, abẹ́ ẹrù náà gan-an, ní mítà 2, ni ṣíà fọ́ọ̀sì ti di òdo, mómẹ́ǹtì ibẹ̀ sì jẹ́ 80 kNm. Mo rí nǹkan kan níbẹ̀ tí mi ò kíyè sí tẹ́lẹ̀: àṣìṣe mi kò mú ìbéèrè náà rọrùn. Ṣe ló fi iṣẹ́ kún un, nítorí mo ní láti wá ibi tí òdo wà fúnra mi. Bí àṣìṣe bá sọ ìbéèrè di kékeré, ẹni tó ṣe é kò lè sọ pé òun ti fi gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n ń wá hàn.

Lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kọ kò dára. Mo dárúkọ ọ̀rẹ́ mi kan tó gba 16, mo sì kọ ọ́ pé inú mi bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Sùúrùlérè kà á tán, ó ní, "Àbúrò, èwo ni ti ọ̀rẹ́ rẹ nínú bíìmù yìí? Ìlà wo lo fẹ́ kí wọ́n wò?" Mo fa á ya. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ èyí tó kẹ́yìn, ojú ewé kan péré, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ nìyí:

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo fi ọ̀wọ̀ kọ̀wé sí yín lórí ìbéèrè kẹta. Mo gbà pé mo ṣe àṣìṣe ní ìlà kejì, níbi tí mo ti kọ 30 dípò 60, èmi kò sì bèèrè máàkì tí iye náà mú lọ. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ bá mi wo àwọn ìlà tó tẹ̀ lé e, bóyá wọ́n tọ́ bí a bá fi 35 kN bẹ̀rẹ̀. Mo so bébà kan mọ́ lẹ́tà yìí tó fi ìlà kọ̀ọ̀kan hàn. Bí ìlànà tí ẹ fi pín máàkì kò bá fi àyè sílẹ̀ fún irú èyí, màá dúpẹ́ bí ẹ bá lè jẹ́ kí n mọ̀."

Mo mọ̀ọ́mọ̀ má kọ iye máàkì tí mo fẹ́ síbẹ̀, nítorí ọwọ́ olùkọ́ ni pínpín rẹ̀ wà, bí mo bá sì kọ 16, orí 16 la máa jà dípò orí iṣẹ́ náà. Mo tẹ lẹ́tà náà ní Ṣómólú, mo fún olùdámọ̀ràn ìpele wa kó lè gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, mo sì ní kó buwọ́ lu ẹ̀dà tèmi pẹ̀lú ọjọ́ tó gbà á.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, olùkọ́ náà ránṣẹ́ pè mí. Ìwé ìdáhùn mi àti bébà olópòó mẹ́ta ti wà níwájú wọn lórí tábìlì. Wọ́n ní ìwé pọ̀ lọ́wọ́ àwọn lákòókò náà, ìdáhùn ìparí nìkan làwọn fi ń wo èyí tó kù nígbà tí ìlà kan bá ti yẹ̀. Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fún mi ní 4 nínú 6 fún ohun tí òpó ń gbé, 6 nínú 7 fún àwòrán, àti 4 nínú 7 fún mómẹ́ǹtì. Mo bèèrè, pẹ̀lú ìtẹríba, ìdí tí 3 fi lọ níbi tó kẹ́yìn. Wọ́n ní, "91.25 ni ẹni tó máa yan irin sí bíìmù náà máa fi ṣiṣẹ́, ibi tí o sì ní ó ti ga jù kì í ṣe ibẹ̀. Èmi ò lè san owó ìyẹn fún ẹ." Mo gbà, nítorí òótọ́ ni.

Wọ́n fa ìlà sí 3, wọ́n kọ 14 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n buwọ́ lù ú. Wọ́n wá ti bírò sí mi, wọ́n ní, "Ó yá, gba ọ̀dọ̀ B wá kí n rí i." Mo yí ẹ̀dà lẹ́tà mi dà sẹ́yìn, mo sì kọ ọ́ níbẹ̀ lójú wọn:

```
R_A × 6 = (10 × 6 × 3) + (30 × 4) = 300
R_A = 50 kN
```