Ilẹ̀ amọ̀ tó ń wú: bí a ṣe ń dán agbára rẹ̀ wò kí ìpìlẹ̀ tó sán

Ọ̀pọ̀ ilé kékeré tó sán lórí amọ̀, kì í ṣe pé ilẹ̀ kò lè gbé wọn. Ilé náà gan-an ni kò wúwo tó láti tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń wú. Mo ti rí àwọn tó lọ dán ilẹ̀ wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n bá amọ̀ tó le bí òkúta, tí wọ́n kọ nọ́ńbà ńlá sínú ìwé, tí onílé sì fi kọ́lé. Òjò ọdún kejì kò tíì dá tí ògiri fi lanu.

Amọ̀ tí mò ń sọ yìí ní èròjà kan nínú tí wọ́n ń pè ní mọntimorílónáítì. Ó tò léra pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ewé ìwé, omi a máa wọ àárín àwọn ewé náà, a sì máa tì wọ́n jìnnà síra. Bí omi bá gbẹ kúrò, wọ́n á padà sún mọ́ra, ilẹ̀ á súnkì. Bí gbogbo abẹ́ ilé bá ń wú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wàhálà kò ní pọ̀. Àmọ́ òrùlé ti bo àárín ilé, etí ilé nìkan ni òjò àti oòrùn ń bá jà. Bí etí bá gbéra sókè, ògiri á sán, ẹnu sísán náà á sì fẹ̀ nísàlẹ̀ ju òkè lọ. Bí etí bá súnkì wálẹ̀, òkè ni yóò ti fẹ̀. Èyí tó ń là nígbà kan tó tún ń pa ẹnu dé nígbà mìíràn nínú ọdún, amọ̀ ni. Ilẹ̀ rírọ̀ lásán kì í pa ohun tó là dé.

Fi ìgò méjì bẹ̀rẹ̀

Bu amọ̀ láti ibi tí ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ yóò wà, má ṣe bu tòkè. Sá a títí yóò fi gbẹ dénú, lọ̀ ọ́, kí o sì fi asẹ́ tó kúnná jọ̀ ọ́. Asẹ́ tíì ni mo máa ń lò tí asẹ́ gidi kò bá sí. Wọn gíráàmù 10 sínú ìgò tó ga gbọọrọ, gíráàmù 10 sínú ìkejì. Da omi sí ọ̀kan, da kẹrosíìnì sí èkejì, rò wọ́n kí afẹ́fẹ́ jáde, kí o fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí 24. Kẹrosíìnì kì í mú amọ̀ wú, òun ni a ó fi ṣe òdiwọ̀n. Bí amọ̀ inú kẹrosíìnì bá ga dé 10 tí ti inú omi dé 17, ó ti wú ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí kò bá tó ìdá 50, kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Tó bá ti kọjá 100, má dá a ṣe, pe onímọ̀ ẹ̀rọ.

Kòtò méjì, àwo irin kan

Àyẹ̀wò agbára ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò le. Gbẹ́ kòtò dé ìjìnlẹ̀ tí ìpìlẹ̀ yóò dé, kí ó fẹ̀ ní mítà 1.5. Tẹ́ iyanrìn tín-ín-rín sísàlẹ̀, gbé àwo irin oníhà mẹ́rin tó fẹ̀ ní mìlímítà 300 lé e, kí o fi jáàkì tì í wálẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n di ẹrù tó wúwo sí. Máa fi ẹrù kún un díẹ̀díẹ̀. Má ṣe fi kún un tí àwo bá ṣì ń yára rì. Géèjì tí ń wọn bó ṣe ń rì gbọ́dọ̀ dúró lórí igi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí àwo àti sí táyà ọkọ̀. Ibi tí àwo bá ti ń rì láìsí pé o fi ẹrù kún un, ilẹ̀ ti jáwọ́ nìyẹn. Pín ẹrù yẹn sí ìwọ̀n ojú àwo, kí o tún fi 3 pín in, kí ó lè ní àlàfíà.

Kòtò kan nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbẹ́, kòtò gbígbẹ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Èmi kì í gba èsì ẹnikẹ́ni lórí amọ̀ tí kò bá ní kòtò kejì, mítà mẹ́ta sí àkọ́kọ́, tí wọ́n rẹ sínú omi. Ká sì mọ ohun tí rírẹ jẹ́. Ẹni tó da garawa omi méjì, tó dúró wákàtí kan, ẹrọ̀fọ̀ ló ní lókè, òkúta ṣì wà nísàlẹ̀. Amọ̀ kì í mu omi kíákíá. Mo máa ń fi irin lu ihò tín-ín-rín yí àwo ká, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60, màá da iyanrìn kún wọn kí omi lè rí ọ̀nà wọlé.

Má ṣe jẹ́ kí amọ̀ wú láìsí ẹrù lórí rẹ̀, nítorí yóò di fùkẹ̀fukẹ, èsì rẹ̀ yóò sì burú ju bó ṣe yẹ lọ. Kọ́kọ́ gbé àwo lé e, kó ẹrù tí ilé yóò gbé lé ibẹ̀ sórí rẹ̀, kí o tó da omi. Má fi jáàkì ṣe é. Òróró rẹ̀ ń jò, kò ní di ẹrù mú mọ́jú. Àpò iyanrìn tí o wọ̀n ló dára. Jẹ́ kí omi wà nínú kòtò láìgbẹ, bò ó kí oòrùn má pa á, kí o máa ka géèjì láràárọ̀. Ìgbà tí nọ́ńbà kò bá yí padà fún ọjọ́ méjì, ó ti rẹ. Tí géèjì kò bá sí, páìpù omi tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ìdọ́gba lè fi hàn pé ilẹ̀ gbéra, àmọ́ má fi ka rírì.

Èyí tí mo ṣe kẹ́yìn rí báyìí. Ògiri ilé náà yóò wúwo tó tọ́ọ̀nù 4.5 lórí mítà gígùn kan. Kòtò gbígbẹ jáwọ́ ní tọ́ọ̀nù 3.6. Ojú àwo jẹ́ mítà 0.09 níbùú-lóròó, nítorí náà tọ́ọ̀nù 40 ni lórí mítà kan níbùú-lóròó. Fi 3 pín in, ó kù bí 13. Ìpìlẹ̀ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 35 ti tó, bí a bá gba èyí gbọ́.

Nínú kòtò kejì, mo kó kílò 450 lé àwo, ìyẹn tọ́ọ̀nù 5 lórí mítà kan níbùú-lóròó. Ọjọ́ 11 ló fi mu omi, àwo sì gòkè ní mìlímítà 14 pẹ̀lú ẹrù lórí. Lẹ́yìn náà ni mo fi jáàkì tì í: ó jáwọ́ ní tọ́ọ̀nù 1.35. Ìyẹn jẹ́ tọ́ọ̀nù 15 lórí mítà kan níbùú-lóròó. Pín in sí 3, ó kù 5. Ìpìlẹ̀ ní láti fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90.

Bíríkìlà fẹ́ fẹ̀ ẹ́ sí 90 lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó dúró. Ní 90, tọ́ọ̀nù 5 gan-an ni ìpìlẹ̀ yóò fi tẹ ilẹ̀, a sì ti rí i pé ilẹ̀ gbé tọ́ọ̀nù 5 sókè. Tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, yóò rì nígbà òjò. Tó bá fẹ̀, yóò gòkè. Fífẹ̀ kò wo àìsàn yìí rárá. Ohun tí a ṣe ni pé a gbẹ́ ihò róbótó kọjá ibi tí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ń dé, a da kọnkéré sí i, a sì gbé bíìmù ilé kọ́ lórí wọn pẹ̀lú àlàfo lábẹ́ rẹ̀ kí amọ̀ lè wú sínú àlàfo náà.

Àwo tó fẹ̀ ní mìlímítà 300 kò mọ ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ ju bíi sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ìpìlẹ̀ gidi sì ń tẹ ilẹ̀ jìnnà ju bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni mo fi máa ń lu ihò kan dé mítà 3 láti wo bóyá ilẹ̀ rírọ̀ fara pamọ́ sísàlẹ̀. Kòtò méjèèjì kò sì gbọ́dọ̀ bọ́ sójú ibi tí ògiri yóò gbà. Dí wọn padà ní ìpele-ìpele, kí o máa gún un, nítorí kòtò tí a dí gbẹrẹfu yóò di adágún omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun.