Irin inú sípílíǹtì mi ni kò jẹ́ kí n sùn

Iṣẹ́ títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Òkè-Odò, Tanke, níbí ní Ìlọrin. Tí àsìkò pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ yunifásítì bá dé, mo lè jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí wọn yóò fi pe ìrun ìṣá. Tí mo bá délé, fóònù ni. Màá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, màá ká ọwọ́ ọ̀tún kò, màá máa wo ohun tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ títí oorun á fi gbé mi lọ.

Ní òru ọjọ́ kan, ọwọ́ yẹn ló jí mi. Ó ti kú, ó wú lójú ara mi bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n so mọ́ mi, bẹ́ẹ̀ kò wú rárá. Inú ìka ń ta mí ṣáṣá bí abẹ́rẹ́. Mo sọ ọ́ sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo ń gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń gbọn omi kúrò lọ́wọ́. Ó lọ. Kò pẹ́ tí mo tún sùn tó fi padà dé. Nígbà tó yá, ó ń jí mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóru.

Màmá mi ní, "Ẹ̀gbà ló ń yọ́ bọ̀ yẹn o, má fi ṣeré." Wọ́n fi òrí pa á fún mi ní alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ara ọwọ́ dán, ìka ṣì ń kú.

Àǹtí kan tó ń ṣe físíò ní ọsibítù ló tú u palẹ̀. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn mí. Ó ya àtẹ́lẹwọ́ sórí ìwé, ó fún mi ní báírò pupa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kun ibi tó ń kú nìkan." Mo kun àtàǹpàkò, mo kun ìka tí a fi ń júwe, mo kun ti àárín. Nígbà tí mo dé ìka òrùka, mo dúró. Ìdajì rẹ̀ tó kọjú sí ìka àárín ló ń kú, ìdajì kejì kò ṣe é ní nǹkan. Ọmọńdinrín kò ní báírò lára rárá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀gbà kì í yan ìka, kì í sì í lọ nítorí pé èèyàn gbọnwọ́. Ti ẹ̀gbà, òjijì ni, ẹnu lè wọ́, ọ̀rọ̀ lè lọ́, apá àti ẹsẹ̀ ìhà kan lè rọ. Ìyẹn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ ọsibítù. Àwọn ìka tí mo kùn yìí, iṣan ìmọ̀lára kan ṣoṣo ló ni wọ́n. Ká ní ọmọńdinrín ló ń kú ni, iṣan mìíràn ni ì bá jẹ́, ìgúnpá ni ì bá sì wò, kì í ṣe ọrùn ọwọ́.

Ó ní kí n kọ ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì sí ara wọn, kí ìka dorí kodò, kí n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Kí ó tó kà dé 25, ìka mi ti ń ta. Ó ní kápà tọ́nẹ̀lì ni. Ó ṣàlàyé pé àwọn eegun ìdí àtẹ́lẹwọ́ ṣe bí kòtò, awọ líle kan sì dé e lórí. Okùn mẹ́sàn-án tó ń fa ìka àti iṣan ìmọ̀lára yẹn ló ń há ara wọn gba inú rẹ̀ kọjá, bí ọ̀nà Ọjà Ọba nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la. Tí ọrùn ọwọ́ bá ká síwájú tàbí tó tẹ̀ sẹ́yìn, àyè á tún dín, iṣan á fún. Bí a bá sì ti sùn, a kì í mọ ìgbà tí a ká a. Mo ní, "Àbí iṣẹ́ títẹ̀ ló fà á?" Ó ní òun kò lè di ẹ̀bi ru kọ̀ǹpútà nìkan, àtọ̀gbẹ, oyún àti àìsàn táírọ́ìdì inú ọrùn máa ń fà á pẹ̀lú. Ó ní kí n lọ yẹ ṣúgà wò. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

Sípílíǹtì ló wá kù, ìyẹn aṣọ líle tó ní irin nínú, tí Àǹtí ní kí n máa wọ̀ sọ́wọ́ sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ọrùn ọwọ́ má baà ká. Mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan, mo dè é pinpin, mo sùn. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, òru kò yàtọ̀. Èmi tilẹ̀ ti ń sọ pé owó mi wọgbó.

Nígbà tí mo gbé e padà lọ, Àǹtí náà kò sọ̀rọ̀, ó fa irin pẹlẹbẹ yọ láti inú àpò tó wà ní ìhà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Irin náà tẹ̀ bí ẹnu ṣíbí! Bí wọ́n ṣe ń tà á nìyẹn, ó ń ti ọwọ́ sẹ́yìn. Gbogbo òru tí mo rò pé mo ń sinmi, mo ń fún iṣan náà ni. Ó fi etí tábìlì tẹ irin náà títí ó fi tọ́, ó kì í padà. Ó wá gbé rúlà lé ẹ̀yìn apá mi dé ẹ̀yìn ọwọ́, ó ní kí n wò ó: rúlà náà lọ tààrà, kò sí pé ọwọ́ gòkè tàbí ó relẹ̀. Ẹ má lo sípílíǹtì tuntun láìfi rúlà wò ó.

Ìdè náà ni ẹ̀ṣẹ̀ mi kejì. Ó yẹ kí ìka kan lè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Èmi ti fún un débi pé ó ń sàmì sí mi lára. Etí rẹ̀ lókè sì gbọ́dọ̀ parí kó tó dé ìlà àtẹ́lẹwọ́ tí ìka ti ń ká, kí èèyàn lè di ẹ̀ṣẹ́ pátápátá. Ti ooru tí kò sí iná, mo gé ẹnu sọ́ọ̀kì, mo ń wọ̀ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, mo sì ń fọ̀ ọ́. Òru nìkan ni mo ń lò ó. Mo dán an wò lójú iṣẹ́, àfi kí n máa bá irin jà, ni èjìká bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Mo ń fa igi sára kàlẹ́ńdà fún gbogbo ìgbà tí mo bá jí. Ọ̀sẹ̀ kìíní lẹ́yìn tí irin tọ́, igi mẹ́ta lóru. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹyọ kan. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ní kí n lò, òru márùn-ún tẹ̀ léra tí kò ní igi.

Àbúrò màmá mi, tó ti ń hun aṣọ òfì tipẹ́, rí i lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n yá àwọn. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ọwọ́ fún mi. Ẹran ìdí àtàǹpàkò wọn ti pẹ̀rẹ̀sẹ̀, ìka wọn ń kú tọ̀sán-tòru, wọ́n ní ife ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ìyẹn ti kọjá sípílíǹtì, nítorí iṣan ti ń bàjẹ́ bọ̀. Mo mú wọn lọ bá Àǹtí náà, òun ló darí wọn sí dókítà eegun. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún wọn, wọ́n la awọ líle tó dé kòtò yẹn. Títa òru dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹran àtàǹpàkò kò tíì padà bó ṣe wà.

Tèmi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Tí àsìkò pírójẹ́ẹ̀tì bá tún dé, màá gbé e wọ̀. Ìdè rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ra dáadáa mọ́, télọ̀ tó wà lójúlé kejì ṣọ́ọ̀bù mi ti bá mi rán òmíràn sí i.