Ìpàdé tó ń bọ́ sí àsìkò ìṣínu: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí yíyan aago fún ẹgbẹ́ tí ẹ̀sìn wọn ò papọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a máa ń ṣe ìpàdé orí ẹ̀rọ, láti aago 15:30 sí 16:30 UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo àgbáyé. Nínú ààwẹ̀ Ramadan tó kọjá, àwọn tó wà ní Ìsítáńbùlù ń pa kámẹ́rà, wọn kì í sọ̀rọ̀, àwọn míì ò tilẹ̀ wá. Kò sì sí ẹni tó ráhùn. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Aago yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣínu. 15:30 UTC jẹ́ aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní Ìsítáńbùlù, ìpàdé yín á sì parí ní aago méje ààbọ̀. Ẹ wo ti ọdún 2027: ní nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù Kejì ni ààwẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, yóò sì parí ní ọjọ́ 8 tàbí 9 oṣù Kẹta. Láàárín àkókò yẹn, wíwọ̀ oòrùn níbẹ̀ á máa sún láti bí aago mẹ́fà ààbọ̀ títí yóò fi kọjá aago méje díẹ̀. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ìṣínu ò ní bọ́ sínú ìpàdé náà.

Ẹni tí kò tíì fi omi kan ẹnu láti ìdájí ò lè dá ìṣínu dúró nítorí pé ẹnì kan ṣì ń ṣàlàyé. Yóò mu omi, yóò kírun Mọ̀ńgàríbà, yóò jẹun pẹ̀lú ará ilé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà fi ń kú. Ìdákẹ́ wọn náà ò ṣòro láti yé ni: nígbà tí èèyàn bá kéré níye láàárín ẹgbẹ́, kì í fẹ́ kí wọ́n sọ pé tìtorí òun ni wọ́n ṣe yí iṣẹ́ padà. Nítorí náà, ẹ má fi àìráhùn ṣe ẹ̀rí pé aago náà dára. Ẹ wá aago wíwọ̀ oòrùn ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀ àti ní ọjọ́ ìkẹyìn, kí ẹ fi méjèèjì wé aago tí ìpàdé ń parí. Ọjọ́ kan ṣoṣo ò tó, torí oòrùn ń sún.

Ṣé ká kúkú sún un sí alẹ́, lẹ́yìn ìṣínu? Àwọn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn kan sì wà ní Tòróńtò.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Bí ẹ bá gbé e sí 18:00 UTC, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ní Ìsítáńbùlù, ìrun àṣálẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n á tún jí sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó ń gbààwẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni níbẹ̀, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, pàápàá bí oṣù bá ń parí lọ. Ẹ ti gbé ìnira náà kúrò lórí ẹnì kan, ẹ gbé e lé ẹlòmíì.

Ẹ fà á sẹ́yìn dípò bẹ́ẹ̀. 13:30 UTC ni màá mú: aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ní Lọ́ńdọ̀nù, aago mẹ́rin ààbọ̀ ní Ìsítáńbùlù, aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ní Tòróńtò. Ẹ dín in kù sí ìṣẹ́jú 45. Yóò parí ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú 15 ní Ìsítáńbùlù, ó kéré tán ó ku wákàtí kan àti díẹ̀ kí oòrùn wọ̀, èèyàn á sì ráyè délé. Ó máa ń rẹ aláàwẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nítorí náà ohun tó nílò ìpinnu ni kó ṣáájú, kí ìròyìn lásán gbẹ̀yìn. Lóòótọ́, 13:00 ì bá sàn fún Ìsítáńbùlù, àmọ́ aago mẹ́jọ géérégé ni ní Tòróńtò, ìgbà tí òbí ń sin ọmọ lọ sí ilé ìwé.

Bí ẹ bá rò pé ẹ ó yí ọjọ́ náà padà, ẹ yẹra fún ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, nítorí kété lẹ́yìn ọ̀sán gangan ni ìrun Jímọ̀. Ẹ má sì mú Ọjọ́rú 10 oṣù Kejì 2027: Ọjọ́ Eérú ni, ààwẹ̀ Lẹ́ńtì á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn kan á sì wà ní ilé ìjọsìn.

Kàlẹ́ńdà mi ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ni Ìtunu Ààwẹ̀, ti ẹnìkejì mi ní ọjọ́ 10 ni. Èwo ni ká tẹ̀lé?

Ẹ fi ọjọ́ méjèèjì sílẹ̀. Àwọn kan ń ṣírò oṣù, àwọn kan ń dúró títí wọ́n á fi rí i lójú ọ̀run, nígbà míì alẹ́ tó ṣáájú ọdún ni èèyàn tó mọ̀. Ní ọdún 2027, Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ 9, ọjọ́ ìpàdé yín gan-an. Ẹ fagi lé ìpàdé ọ̀sẹ̀ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má kọ "bí oṣù bá yọ". Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìsinmi ọdún náà ní Tọ́kì, kò sì ní wúlò láti gbé ìpàdé sí Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀.

Ẹ padà sí aago àtijọ́ ní ọjọ́ 16, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ni Tòróńtò á sún aago rẹ̀ síwájú, Lọ́ńdọ̀nù á sún tirẹ̀ ní ọjọ́ 28, ọjọ́ Àjíǹde gan-an, Ìsítáńbùlù kì í sì í sún aago. Nítorí náà 15:30 UTC tó jẹ́ aago mẹ́wàá ààbọ̀ fún àwọn ará Tòróńtò á di mọ́kànlá ààbọ̀. Ẹ kọ aago ìlú kọ̀ọ̀kan sínú lẹ́tà, ẹ má fi UTC nìkan sílẹ̀.

A wo kàlẹ́ńdà, Ìrékọjá àwọn Júù bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ 22 oṣù Kẹrin 2027, a wá fi ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ẹnì kan ní òun ò lè wá. Ṣé Ọjọ́rú yẹn kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ ni?

Lọ́dọ̀ àwọn Júù, ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni ọjọ́ tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Ìrékọjá náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú 21, oúnjẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ń gba ìmúra láti ọ̀sán. Ọjọ́ tí kàlẹ́ńdà bá kọ, ẹ ka ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sábáàtì: láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì ni.

Báwo ni mo ṣe máa kọ lẹ́tà ìyípadà aago yìí láìbi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀sìn rẹ̀?

Ẹ má béèrè pé "àwọn Mùsùlùmí wo ló wà láàárín wa?", ẹ má sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí ìyípadà náà. Bí ẹ bá kọ pé "nítorí Arákùnrin Báyìí", gbogbo ẹni tí aago tuntun nira fún á mọ ẹni tí wọ́n máa bínú sí. Ẹ fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ìdáhùn wá bá yín nìkan:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ 9 oṣù Kejì sí ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, a ó máa pàdé ní 13:30 UTC (Tòróńtò 8:30 àárọ̀, Lọ́ńdọ̀nù 1:30 ọ̀sán, Ìsítáńbùlù 4:30 ìrọ̀lẹ́), fún ìṣẹ́jú 45, nítorí ààwẹ̀ Ramadan. Kò sí ìpàdé ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta. Bí ọjọ́ tàbí aago kan ò bá rọrùn fún yín nínú oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, ẹ sọ fún mi kí ọjọ́ 25 oṣù Kìíní tó pé. Ẹ ò nílò láti sọ ìdí rẹ̀. Ohun tí a bá pinnu á dé ọwọ́ yín lọ́jọ́ náà, ẹni tí kò bá sì ráyè wá ní ọjọ́ méjì láti dá sí i kó tó dúró."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n sábà máa ń gé kúrò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́nu ààwẹ̀ lè sọ pé òun ò ní wá láìbẹ̀rù pé wọ́n á ti parí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn òun.