Bí a ṣe ń yẹ àwòrán ilé tí òye àtọwọ́dá yà wò kí oníbàárà tó rí i

Òye àtọwọ́dá lè ya pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó rẹwà fún ayàwòrán-ilé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ṣírò ohun tí yóò gbé ilé náà dúró kó tó yà á. Bí oníbàárà bá ti fẹ́ràn ìloro gbalasa kan, ó máa ń nira láti sọ fún un lẹ́yìn náà pé òpó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Nítorí náà, kí a tó fi ránṣẹ́ ni ká ti yẹ̀ ẹ́ wò. Nǹkan méjì ni mo máa ń tọ̀ láti òkè dé ilẹ̀: ìwúwo ilé àti omi òjò.

Ká mú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ní Ọba-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ṣe àpẹẹrẹ. Iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 12, ó gùn wọ ẹ̀yìn ní mítà 15, ògiri kúkurú tí à ń pè ní pàrápẹ́ẹ̀tì sì yí òrùlé rẹ̀ ká. Òpó méjì ló wà ní ìloro iwájú.

Kọ́kọ́ tẹ àwòrán náà sórí bébà, èyí tó kọjú sí wa gan-an ni kó jẹ́. Èyí tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń tan rúlà jẹ, torí ohun tó jìnnà máa ń kéré lójú. Wá ohun tí o mọ gíga rẹ̀ níbi tí àwọn òpó náà dúró sí. Nínú ètò tiwa, láti ilẹ̀ dé orí dẹ́kìn jẹ́ mítà 3. Lórí bébà, ó jẹ́ mìlímítà 60, nítorí náà mìlímítà 1 dúró fún sẹ̀ǹtímítà 5. Má ṣe fi ilẹ̀kùn wọ̀n ọ́n bí ilẹ̀kùn bá wà lẹ́yìn òpó. Ó ti jìnnà sí wa ju òpó lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò ní bá a mu.

Wá wọn àárín òpó méjèèjì. Ó jẹ́ mìlímítà 180, ìyẹn mítà 9. Nínú ilé gbígbé wa, mítà 3 sí 4.5 ló wọ́pọ̀ láàárín òpó sí òpó. Bíìmù tó máa fo mítà 9 lè nílò jíjìn tó mìlímítà 750, bí a bá fi 12 pín gígùn rẹ̀ láti fojú dá a. Lórí bébà wa, ó yẹ kí ó nípọn tó mìlímítà 15. Mìlímítà 4 péré la rí níbẹ̀. Dẹ́kìn náà kò ní ohun tó gbé e.

Bí a bá fi òpó kan kún un, ó di mítà 4.5 lọ́tùn-ún àti lósì, ṣùgbọ́n òpó yẹn yóò dúró gan-an níwájú ẹnu ọ̀nà. Méjì ni mo máa fi kún un, kí àyè mẹ́ta jẹ́ mítà 3 kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu ọ̀nà sì bọ́ sí àárín. Lẹ́yìn èyí, fi pẹ́ńsù tọ òpó òkè kọ̀ọ̀kan wálẹ̀. Èyí tó bá balẹ̀ sórí fèrèsé tàbí sórí àyè lásán, fa ìlà pupa yí i ká.

Omi ló kàn, ibẹ̀ sì ni àwòrán wọ̀nyí ti máa ń bà mí lẹ́rù jù, torí òjò Àkúrẹ́ kì í ṣe kékeré. Òjò mìlímítà 1 lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Òrùlé wa jẹ́ 12 × 15, ìyẹn 180. Bí òjò líle bá ń rọ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà 100 ní wákàtí kan, lítà 18,000 nìyẹn, tàbí 300 ní ìṣẹ́jú kan. Bi àwòrán náà léèrè ibi tí lítà 300 yìí ń gbà. Pàrápẹ́ẹ̀tì dí gbogbo etí òrùlé, kò sí ihò, kò sí páìpù.

Fi páìpù íǹṣì mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lítà 75 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa gbà ní ìṣẹ́jú kan. Bí o bá fẹ́ fi wọ́n pamọ́, wá àyè fún wọn nínú pláànù báyìí. Lu ihò àkúnwọ́sílẹ̀ sára pàrápẹ́ẹ̀tì, kó rẹlẹ̀ ju etí páànù tó wọnú gọ́tà lọ. Bí ewé bá dí páìpù, òde ni omi yóò dà sí, kò ní wọnú sílíìnì. Wo ibi tí òrùlé méjì ti pàdé pẹ̀lú: bí wọ́n bá ń da omi sára ògiri tí kò ní gọ́tà, ògiri yẹn yóò máa mu omi.

Nígbà àtúnṣe, má kàn tún ọ̀rọ̀ tí o tẹ̀ fún ẹ̀rọ náà kọ. Ó lè yí gbogbo ilé padà. Fi `SketchUp` gbé ilé náà kalẹ̀ pẹ̀lú òpó àti páìpù ní àyè wọn, kí o fún ẹ̀rọ náà ṣe ìpìlẹ̀ àwòrán tuntun. Tún wọ̀n ọ́n, torí ó lè pa òpó kan rẹ́. Fún ẹnjiníà ní bébà tí o fi pẹ́ńsù sàmì sí: bí irin, bíìmù àti ìpìlẹ̀ yóò ṣe tóbi tó, òun ni yóò ṣírò rẹ̀, kò sì sí àwòrán tó lè sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe le tó. Bí ó bá ti fọwọ́ sí ipò àwọn òpó, fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí oníbàárà.