Má Fa Ewé Àkọ́kọ́ Ya: Àṣìṣe Tí Kì í Jẹ́ Kí Ìwé Àkọsílẹ̀ Ojoojúmọ́ Kún

Ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọ́n bá padà ka ohun tí wọ́n kọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọn a sì fa ewé náà ya kí ìwé lè dà bí tuntun. Àṣìṣe yìí ló burú jù nínú gbogbo wọn. Ìwé ewé 40 tí wọ́n fi pín-ìn-nì irin dè láàárín, abala pépà 20 ni wọ́n ṣẹ́ po. Ewé kọ̀ọ̀kan níwájú ní ìkejì lẹ́yìn. Aránṣọ kan ní Òkè-Fìà fa mẹ́fà ya níwájú ìwé rẹ̀. Mẹ́fà ẹ̀yìn tú, wọ́n sì ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ewé 28 ló kù. Ìwé ti rí jákujàku lójú rẹ̀, ló bá lọ ra òmíràn.

Dípò kí o fa ewé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ya, fi kílíìpù di wọ́n pọ̀, kí o má sì ṣí wọn títí ìwé yóò fi dé ìdajì. Kíkà á padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló ń dá ìtìjú sílẹ̀.

Wo ohun tó ń tini lójú gan-an. Aránṣọ yìí kọ pé: “Mo jí, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo padà wálé.” Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àmọ́ ọjọ́ gbogbo ló bá mu. Kò pọn dandan kó pa á rẹ́. Kó fi ohun kan tí ojú rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà kún un ti tó: “Òjò ká mi mọ́ Ọlá-Ìyá. Ìyá alágbàdo fi láílọ́ọ̀nù bo orí mi kó tó bo ọjà rẹ̀.” Ìlà méjì péré, kò sì lè jẹ́ ọjọ́ mìíràn.

Má lo dáyárì tí wọ́n ti tẹ ọjọ́ sí, irú èyí tí wọ́n máa ń fi ṣe ẹ̀bùn ní ìparí ọdún. Bí o bá fo ọjọ́ mẹ́rin, ojú ewé mẹ́rin òfìfo ni yóò máa wò ọ́. Ìwé aláìlọ́jọ́ dára jù: ìwọ fúnra rẹ ni kí o kọ ọjọ́ sókè.

Má sì gbìyànjú láti san gbèsè ọjọ́ tí o fò. Ìwádìí kan tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Kọ́lẹ́jì Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ jáde ní 2010 fi hàn pé fífo ọjọ́ kan kò ba ìṣesí tó ń mọ́ni lára jẹ́, àti pé, ní ìpíndọ́gba, ó tó nǹkan bí ọjọ́ 66 kí ó tó mọ́ni lára. Àwọn kan yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan sì pẹ́ jù ú lọ dáadáa. Nítorí náà, ọjọ́ òní ni kí o kọ, lábẹ́ ibi tí o dúró sí gan-an, láìfi àyè sílẹ̀. So ó mọ́ ohun tí o ń ṣe lálaalẹ́, bí ìrun Ìṣáà tàbí títi ṣọ́ọ̀bù, kí bírò sì máa wà nínú ìwé náà.