Ọjà yá, ọjà kùtà: bí mo ṣe ṣírò ẹ̀lùbọ́ inú ọ̀rá fún ẹ̀gbọ́n mi

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Bódìjà, kọ́ńgò ló sì fi ń wọ̀n ọ́n. Nígbà tó ní òun fẹ́ máa dì í ní kílò kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, kí òun máa kó o fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Bódìjà àti Ríńgì Róòdù, ó ní kí n bá òun wo ọ̀rọ̀ owó rẹ̀. ₦1,500,000 ló wà nílẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC ti parí, owó rẹ̀ ò sí nínú èyí. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: tí ọjà bá gba ibòmíràn yọ, ṣé owó yìí á gbé e?

Iye tí ìdì kan ń ná wa ni mo kọ́kọ́ wá. Kọ́ńgò ò ṣeé lò fún un. A gbé kọ́ńgò mẹ́ta lórí ìwọ̀n, kò sí méjì tó dọ́gba, torí ọwọ́ ẹni tó ń bù ú ló ń sọ bí orí rẹ̀ ṣe máa ga tó. La bá wọn odidi àpò kan lẹ́yìn tí a ti kù ú, a wá fi iye kílò tó kù pín owó àpò náà. Ẹ̀lùbọ́ já sí ₦1,200 ní kílò kan, ọ̀rá àti lébẹ́ẹ̀lì ₦150, kíkù, dídì àti owó ọkọ̀ ₦200. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,550. Ṣọ́ọ̀bù á rà á ní ₦2,000, ₦450 ló sì máa ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́. Owó tó ń jáde lóṣooṣù, bá a tà bá ò tà, ìyẹn owó yàrá, owó ọmọbìnrin tó ń dì í àti epo jẹnẹrétọ̀, jẹ́ ₦180,000. Tí ẹ bá fi 450 pín 180,000, 400 lẹ máa rí. Tí a ò bá ta ìdì 400 lóṣù, a ń pàdánù nìyẹn.

Ó wá kan ọ̀nà mẹ́ta tí ọjà lè gbà lọ. Mo pè wọ́n ní Ọjà Yá, Ọjà Bó Ṣe Ń Rìn àti Ọjà Kùtà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á kọ iye tí wọ́n ń retí sílẹ̀, wọ́n á fi díẹ̀ kún un, wọ́n á pe ìyẹn ní rere, wọ́n á yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á pe ìyẹn ní burúkú. Irú ìṣirò yẹn ò sọ nǹkan kan fúnni. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi sọ ohun tó lè mú kí ọjà kùtà gan-an. Kò tiẹ̀ rò ó. Ó ní bó bá ti di bí oṣù kẹfà, tí iṣu tuntun ò tíì délé, ẹ̀lùbọ́ tó ń bọ̀ láti Ṣakí àti apá Òkè-Ògùn máa ń wọ́n. Òjò náà ti dé nígbà yẹn. Èyí tí kò bá gbẹ dáadáa, kòkòrò á wọ̀ ọ́, ṣọ́ọ̀bù á sì dá a padà. Látinú ọ̀rọ̀ yìí ni nọ́ńbà Ọjà Kùtà ti jáde: ìdì 300 lóṣù lẹ́yìn tí a bá ti yọ èyí tí wọ́n dá padà, ẹ̀lùbọ́ kílò kan sì di ₦1,400.

Ìyẹn ni mo ń kọ lọ́wọ́ tó fi dá mi dúró. “Àbúrò mi, tó bá wọ́n fún èmi, ṣé kì í ṣe gbogbo ọjà ló máa wọ́n fún ni? Kí ló dé tí owó tí à ń tà á ò kúrò lójú kan?”

Ìbéèrè yẹn gba àlàyé. Ní ìsọ̀ àwọn tó ń fi kọ́ńgò tà, tí ẹ̀lùbọ́ bá gbówó lórí láàárọ̀, wọ́n á ti yí iye kọ́ńgò padà kó tó di ọ̀sán. Ti ṣọ́ọ̀bù ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ₦2,000, wọ́n ti lẹ iye tiwọn mọ́ pẹpẹ, ó sì dìgbà tí ẹ bá tún jókòó sọ̀rọ̀ kó tó yí padà. Mo fi ₦2,000 sílẹ̀ bó ṣe wà. Èrè ìdì kan wá já sí ₦250. Nínú Ọjà Yá, mi ò jẹ́ kí ẹ̀lùbọ́ dínwó nítorí pé a ń rà á púpọ̀, torí àwọn tó ń kó o wá mọ ìgbà tí èèyàn ń wá ọjà lójú méjèèjì. Mo sì fi ẹnì kan kún òṣìṣẹ́, owó oṣooṣù di ₦240,000.

Ìlà kan náà ló ṣírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú Excel:

```
=B2*(B3-B4)-B5
```

B2 ni iye ìdì, B3 ni owó tí a ń tà á, B4 ni iye tó ń ná wa, B5 ni owó oṣooṣù. Mo fà á lọ sí C àti D. Tí a bá ta ìdì 600, tó jẹ́ Ọjà Bó Ṣe Ń Rìn, èrè jẹ́ ₦90,000 lóṣù. Ọjà Yá, ìdì 1,200, mú ₦300,000 wá. Ọjà Kùtà pàdánù ₦105,000. Akáúntáńtì kan tí mo mọ̀ ní kí n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n bó ṣe ṣeé ṣe tó, kí n wá rò wọ́n pọ̀. Mi ò ṣe é, torí kò sí oṣù tí ẹ̀gbọ́n mi máa ná àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan nínú wọn ló máa bá a lálejò.

Èrè nìkan kọ́ sì ni. Àwọn ṣọ́ọ̀bù yìí, lẹ́yìn oṣù kan ni wọ́n ń sanwó. Mo wá ṣe ìwé kejì fún owó tó ń wọlé àtèyí tó ń jáde gan-an, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí bìrí.

Nínú Ọjà Kùtà, a ó ná ₦705,000 lóṣù àkọ́kọ́, ₦795,000 á kù. Láti oṣù kejì lọ, ₦600,000 á máa wọlé, ₦705,000 á máa jáde. Owó náà á máa jò, ṣùgbọ́n yóò gbé wa dé oṣù kẹjọ. Ọjà Yá ńkọ́? Ká ní a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 600, a ó ná ₦1,110,000, ₦390,000 á kù. Lóṣù kejì, ₦1,200,000 wọlé, àpapọ̀ ₦1,590,000. Ṣùgbọ́n ìdì 1,200 àti owó òṣìṣẹ́ máa gba ₦2,100,000. A ti jẹ gbèsè ₦510,000 nìyẹn, lóṣù tí gbogbo ènìyàn ń kí wa kú oríire! Ó di oṣù kẹrin kí owó tó padà sí rere.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. Ó ní àdúrà tí òun ń gbà ló ń jẹ́ Ọjà Yá.

Ohun tí a ṣe ni pé a pín àwọn ṣọ́ọ̀bù sí méjì. Àwọn tó kọ́kọ́ gbà á lè máa san lẹ́yìn oṣù kan. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìdì 600, owó ọwọ́ ni, ₦1,900 ìdì kan. Tí ìdajì Ọjà Yá bá san bẹ́ẹ̀, ₦630,000 á wà lọ́wọ́ lópin oṣù kejì dípò gbèsè. Èrè oṣooṣù á bọ́ sí ₦240,000. ₦60,000 tó lọ yẹn tẹ́ mi lọ́rùn, torí owó èlé tí àwọn ayánilówó inú ọjà ń gbà mọ̀ mí lára.

Ó ku bí a ó ṣe mọ ọ̀nà tí a wà. Ọjà tí ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ gbà ò ka nǹkan kan, pẹpẹ ni wọ́n fi ń kún. Ẹni kankan ò tíì fi ro àmàlà. Ìgbà tí wọ́n bá tún béèrè ló ń sọ òótọ́. Nítorí náà ọmọ tó ń gbé ọjà lọ máa ń ka èyí tó kù lórí pẹpẹ kó tó já tuntun sílẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. A ti fẹnu kò: tí èyí tó kúrò lórí pẹpẹ gbogbo ṣọ́ọ̀bù ò bá tó 400 fún oṣù méjì léraléra, a ò ní gba yàrá náà fún ọdún kejì, ẹ̀gbọ́n mi á sì gbájú mọ́ kọ́ńgò. Tó bá kọjá 900, a ó wá òṣìṣẹ́ kejì. Kí oṣù kẹfà tó dé, mo gbọ́dọ̀ tún iye ẹ̀lùbọ́ inú ìwé náà kọ, torí ₦1,200 tí a fi bẹ̀rẹ̀ ò ní dúró síbẹ̀.